Ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí kí n tó fún lánlọ́ọ̀dù: mo fẹ́ kó gbà kí n pín owó ṣọ́ọ̀bù san

Onídìrí_Àgùdà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù irun ni mo ní ní Àgùdà, Sùúrùlérè, yàrá kan tó kọjú sí títì, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta la wà níbẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ 1,200,000 náírà lọ́dún, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ló sì máa ń pé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ irun á mọ̀ pé ibi tó gbẹ jù lọ nínú ọdún ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí. Ní Dìsẹ́ńbà a kì í sùn, oníbàárà á jókòó dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì Jánúárì, a ó kàn máa wo ojú ara wa ni. Irun Kérésì ṣì wà lórí wọn, owó ilé ìwé ọmọ sì ti gbá èyí tó kù lápò wọn.

Ti ọdún 2026 yìí tún wá le sí i, torí àwẹ̀ Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ní àárín oṣù kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó pọ̀ kì í so yìgì nínú Lẹ́ńtì, àwọn Mùsùlùmí náà á sì sún nikáà tiwọn síwájú. Kò ní sí ìyàwó, kò ní sí ọ̀rẹ́ ìyàwó, àwọn ìyá aláṣọ ẹbí tó ń wá dirun sábẹ́ gèlè náà ò ní sí. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ló ń gbé owó wọlé, ẹni tó wá fọ irun lásán ò lè gbé owó ṣọ́ọ̀bù.

Alhaji tó nilé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò sì jẹ ẹ́ lówó rí. Lẹ́tà tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

*"Alhaji, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi lórí owó ṣọ́ọ̀bù ọdún yìí. Ọjà ò tà rárá, ìlú le, epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù bí ọwọ́ mi bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Èmi ọmọ yín."*

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú, kò lè lé ẹ jáde lójijì. Bó bá ti àgádágodo mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ, fọ́tò ni kó o kọ́kọ́ yà, kó o tó gba tésàn lọ. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní ọjà Tejúoṣó. Ìgbà tí mo ti wá bẹ̀rẹ̀ àjọ ni nǹkan ti dẹrùn. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni alájọ wa ń wá, tí owó ṣọ́ọ̀bù bá pé, kíkó lásán ni màá kó o. Bẹ̀rẹ̀ àjọ.

Onídìrí_Àgùdà

Ẹ ṣé, ìyá wa. Àmọ́ kò lé mi o, kò tilẹ̀ tíì sọ nǹkan kan. Èmi ni mo fẹ́ lọ bá a kí ọjọ́ tó pé. Àjọ náà dáa, ṣùgbọ́n ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, ti ìsinsìnyí ló ká mi lára.

Òfin_Lọ̀gá

Kí lò ń bẹ̀bẹ̀ sí? Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ti sọ pé lánlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gba owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Oṣooṣù ni kó máa gbà á. Kọ nọ́ńbà òfin yẹn sí orí lẹ́tà rẹ, kó o sì sọ fún un pé bí kò bá gbà, ẹ ó pàdé ní kóòtù. Àwọn àgbàlagbà yìí, ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ kóòtù ni wọ́n ń gbọ́ràn.

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Àbúrò mi Òfin_Lọ̀gá, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ lo rí mú. Mo ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà fún ìgbà pípẹ́, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí à ń kó lọ sí kóòtù Májísíréètì. Òótọ́ ni pé òfin 2011 wà, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ilé ibùgbé. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀, torí náà Àgùdà wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wí ni pé onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san án lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san án lóṣooṣù. Kò sí ibì kankan tó ti fipá mú onílé kó gba owó ọdún ní pípín. Bí Alhaji bá gbà, oore ló ṣe. Bó bá kọ̀, kò rú òfin. Bó o bá wá kọ nọ́ńbà òfin sí orí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, lọ́yà tirẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín ni, ọkàn Alhaji á sì le.

Àbúrò mi onídìrí, ibi tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ ni gbólóhùn kan ṣoṣo: "kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù". Yọ ọ́ kúrò. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Nínú òfin yẹn kan náà, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń gbé ilé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù 6 kí wọ́n tó lè ní kó kúrò. Ẹni tó ń gbé e ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìwé oṣù 3 ló tọ́ sí i. Ti ẹni oṣooṣù jẹ́ oṣù 1 péré. Báwo wá ni kóòtù ṣe ń mọ irú ayálégbé tí èèyàn jẹ́? Bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ìgbà tí wọ́n ń san owó tàbí tí onílé ń bèèrè rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti yé ọ? Èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó máa sọ ọ́ di ayálégbé oṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ti fi owó gidi tún ṣe, tó ti ri páìpù omi àti àwo ìfọrun mọ́lẹ̀, ló ń sọ nù.

Télọ̀_Muṣin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe èmi. Owó ọdún ni mò ń san tẹ́lẹ̀, ìgbà tí nǹkan le ni mo bẹ onílé pé kí n máa san án lóṣooṣù. Ó gbà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ń fún mi ní rìsíìtì, "owó oṣù Éépírì", "owó oṣù Méè", inú mi ń dùn. Nígbà tí ẹnì kan wá bá a pé òun máa san ìlọ́po méjì kí òun fi ibẹ̀ ṣe ilé ìtajà fóònù, ìwé oṣù kan ni wọ́n mú wá bá mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, rìsíìtì náà ló kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó kàn mi orí ni. Mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi jáde nínú òjò.

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ohun tí rìsíìtì ń ṣe nìyẹn. Onílé gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní rìsíìtì nígbàkígbà tó bá gba owó, òfin ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Rìsíìtì tó sọ pé "400,000 náírà, owó ṣọ́ọ̀bù láti Fébúárì sí Méè" ń jẹ́rìí pé oṣù mẹ́rin lo yá. Èyí tó sọ pé "400,000 náírà, apá kan nínú 1,200,000 owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, 1 Fébúárì 2026 sí 31 Jánúárì 2027" ń jẹ́rìí pé ọdún kan ṣì ni. Owó kan náà ni, àmọ́ ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé méjèèjì ń tọ́ka sí.

Ohun tó máa wà nínú lẹ́tà rẹ nìyí: ọdún ilé ò yí padà, owó ọdún ò yí padà, ọjọ́ tí owó ń wọlé nìkan ló pín. Kọ ọ́ báyìí gan-an.

Ọmọ_Onílé

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ìhà kejì, torí ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì rò ó débẹ̀. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní Ìtìrẹ́, èmi ni mò ń bá wọn ka lẹ́tà àwọn ayálégbé. Bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ mi, mi ò ní ka "ṣàánú mi" rárá, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ibi tí mo máa dúró ni "bí ọwọ́ mi bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́". Ohun tí bàbá mi ń gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn ni pé òun ni yóò máa pè é, òun ni yóò máa lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń tọrọ owó ara rẹ̀. Àgbàlagbà ò fẹ́ ìyẹn. Bó o bá kọ ọjọ́ àti iye owó sí i, tí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ ni wàá máa wá, á rọrùn fún un.

Ìkejì: bèèrè ohun tí Alhaji fi owó Fébúárì ṣe lọ́dọọdún. Bàbá mi máa ń fi tirẹ̀ san owó ilé ìwé àbúrò wa ní yunifásítì. Ẹni tó ń sanwó Hájì máa ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kó owó jọ. Bó o bá mọ ọjọ́ yẹn, gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ sí iwájú rẹ̀.

Ìkẹta ni ohun tí àwọn onílé kì í sọ jáde. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọ̀kan bá gbà á, gbogbo ilé á gbà á. Tí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá gbọ́, tọ̀la ni wọ́n máa kọ tiwọn. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ti ọdún yìí nìkan ni, kó o sì ti ẹnu mọ́ra.

Bọ̀ọ̀dá_Ọjà

Àbá tèmi rọrùn. Kọ ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́ta pẹ̀lú ọjọ́ iwájú lórí wọn, kó gbogbo rẹ̀ fún Alhaji lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé owó ti wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Bọ̀ọ̀dá, òótọ́ ni pé ọkàn onílé á balẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tirẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì dá padà nítorí àìsówó kì í ṣe gbèsè lásán nílẹ̀ yìí. Òfin kan wà láti 1977 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló sì wà nínú rẹ̀. Onídìrí tí òjò lè dá dúró ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ìyẹn nítorí owó ṣọ́ọ̀bù. Tiransifáà ni kó máa ṣe. Bó bá pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Onídìrí_Àgùdà

Ẹ̀yin èèyàn yìí ti là mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n gbé owó náà kalẹ̀ kí ẹ bá mi wò ó.

Èyí tó kù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Dìsẹ́ńbà, tí mo ti yọ owó ọmọ iṣẹ́ àti owó irun tí mo gbà ní àwìn ní Balógun, jẹ́ 580,000. Mi ò lè kó gbogbo rẹ̀ fún Alhaji, torí bí mi ò bá ní irun nílẹ̀ nígbà tí Ìtúnu Àwẹ̀ bá ń bọ̀, owó àsìkò yẹn á kọjá lójú mi. 500,000 ni mo lè san ní ọjọ́ kìn-ín-ní Fébúárì. Tí mo bá ti gbé e sílẹ̀, èyí tó kù ni 700,000.

Ìtúnu Àwẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹta, bí òṣùpá bá ṣe yọ. Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ owó fún wa, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìgbéyàwó tí wọ́n ti sún síwájú á wá já pọ̀. Iléyá á tún wá ní òpin oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn Iléyá, òjò ti dé. Oṣù kẹfà àti ìkeje ni ọ̀nà wa ń kún fún omi, oníbàárà tó bá sì dirun lánàá ò ní fẹ́ kí òjò pa á lónìí.

Ohun tí mò ń rò ni 400,000 lẹ́yìn Àjíǹde àti 300,000 lẹ́yìn Iléyá. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Ṣé kí n sì so ìwé ọjà mi mọ́ lẹ́tà náà, kó rí i pé Jánúárì gbẹ lóòótọ́?

Ọmọ_Onílé

Ó bọ́gbọ́n mu dáadáa, owó á ti pé lọ́wọ́ Alhaji ní oṣù kẹfà, kò tíì jù ìdajì ọdún lọ. Ìyẹn lè mú kí bàbá èèyàn gbà. Ṣùgbọ́n má fi ìwé ọjà hàn án! Ó máa ka Jánúárì lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ á tún kọjá lórí Dìsẹ́ńbà. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá gbọ́ pé owó ṣọ́ọ̀bù ti di 1,600,000.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù tèmi, ìgbà tí mo fi ìwé hàn án ló tó gbà pé mi ò parọ́. Bí o ò bá fi ẹ̀rí hàn, báwo ló ṣe máa gbà ọ́ gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Ẹ̀rí tó ní ju ìwé ọjà lọ: àwọn rìsíìtì ọdún tó ti kọjá, tí ó san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó pé. Ìyẹn ni mo máa tọ́ka sí. Àmọ́ tí ẹnì kan bá mọ onílé rẹ̀ dáadáa, kó ṣe bí ó ti mọ̀ ọ́n. Mi ò ní jà lórí ìyẹn.

Èyí ni mo ṣe sí lẹ́tà náà. Gbà á, tún un sọ ní ẹnu ara rẹ:

*"Alhaji, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú ètò ọdún tuntun.*

*Lórí owó ṣọ́ọ̀bù tí mo yá lọ́wọ́ yín ní Àgùdà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Owó ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 Fébúárì 2026, tó sì máa parí ní 31 Jánúárì 2027, jẹ́ 1,200,000 náírà. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, mo máa ń san án pé lọ́jọ́ tó yẹ, rìsíìtì yín sì wà lọ́wọ́ mi.*

*Lọ́dún yìí, àwẹ̀ Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì jọ bọ́ sí ìgbà kan náà lẹ́yìn tí owó bá pé, iṣẹ́ irun yóò sì dínkù gan-an ní àsìkò náà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ gbà kí n san owó ọdún náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta: 500,000 náírà ní 1 Fébúárì, 400,000 náírà ní 13 Éépírì, 300,000 náírà ní 5 Júùnù. Gbogbo rẹ̀ ni màá fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín fúnra mi, ẹ ò ní rán ẹnikẹ́ni wá bèèrè rẹ̀.*

*Ètò sísan owó nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, fún ọdún yìí nìkan. Ọdọọdún ni mo ṣì ń yá ṣọ́ọ̀bù náà bí ti tẹ́lẹ̀, kò sí ohun mìíràn nínú àdéhùn wa tó yí padà.*

*Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì tó wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí n lè fi sọ́wọ́. Mo dúpẹ́, Alhaji. Àlàáfíà á máa bá yín gbé."*

Nǹkan méjì ló kù. Àkọ́kọ́, bí Alhaji bá dákẹ́ tí kò dáhùn, má ṣe gbà pé ó ti gbà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìbuwọ́lù. Ìkejì, nígbà tó o bá ń ṣe tiransifáà, kọ ohun tí owó náà wà fún sí ibi tí báńkì ti ní kó o kọ ọ́: "ìdá kìn-ín-ní, owó ṣọ́ọ̀bù ọdún 2026 sí 2027". Ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, ibẹ̀ ni a ó ti kọ́kọ́ wò.

Òfin_Lọ̀gá

Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ ò fún un ní ohun tó máa ṣe.

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Ìyẹn dára, ìbéèrè gidi nìyẹn. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, kí ó san 500,000 lọ́jọ́ tó pé síbẹ̀, kó sì gba rìsíìtì. Ẹni tó ti san apá kan tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ lórí èyí tó kù sàn ju ẹni tí ò san nǹkan kan lọ. Ilé Ìlàjà Aráàlú wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ láti 1999, ọ̀fẹ́ ni, àárín onílé àti ayálégbé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń parí. Wọ́n á pe àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò lè fipá mú Alhaji láti wá jókòó, ẹ má tan ara yín. Ohun tí Alhaji náà ò lè ṣe ni kó fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù tàbí kó kó ẹrù jáde láìgba àṣẹ kóòtù.

Télọ̀_Muṣin

Àbúrò, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé lẹ́tà nìkan ò tó. Bí o bá kàn ti lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀ǹpútà sí abẹ́ ilẹ̀kùn Alhaji, á rò pé lọ́yà ló ń kọ̀wé sí òun. Lọ kí i ní ilé, lẹ́yìn ìrun Ásàrì. Kúnlẹ̀, sọ tẹnu rẹ tán, kó o tó fa lẹ́tà yọ pé "Alhaji, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa gbàgbé". Mú ẹnì kan dání bí ó bá ṣe é ṣe, ìyá lọ́jà tàbí àgbà kan tó mọ̀.

Ọmọ_Onílé

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má mú ẹ́jẹ́ǹtì dání o. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá rí i pé owó fẹ́ pín á sọ pé òun fẹ́ gba owó tirẹ̀ ní ìdá kọ̀ọ̀kan.

Onídìrí_Àgùdà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mo ti lọ. Mo lọ lẹ́yìn Ásàrì bí wọ́n ṣe wí, ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí òun àti Alhaji jọ ń lọ mọ́sálásí kan náà ló sì tẹ̀ lé mi. (Ọmọ_Onílé, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ó ti bá mi búra pé òun ò ní kọ tiẹ̀.) Alhaji ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló bá ọ kọ ọ́?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní ó dáa, ó kéré tán òun rí ọjọ́ níbẹ̀.

Kò gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní òun ní owó tí òun fẹ́ san ní Méè, pé kí n san 600,000 ní Fébúárì, kí n san 600,000 tó kù ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Méè. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà 550,000 lákọ̀ọ́kọ́ àti 650,000 ní Méè. Iléyá á bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n àwọn ìgbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde lè gbé mi débẹ̀. Ó fi báírò tún iye owó àti ọjọ́ náà kọ sórí ẹ̀dà méjèèjì, ó sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó tún kọ.

Mo ti san èyí àkọ́kọ́. Wàhálà tó wà nílẹ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ rìsíìtì fún mi, ohun tó kọ síbẹ̀ sì ni: "550,000 náírà, owó ṣọ́ọ̀bù oṣù 6". Ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí Alhaji ti fọwọ́ sí lẹ́tà?

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Má fi sílẹ̀. Lẹ́tà tí Alhaji fọwọ́ sí lágbára ju rìsíìtì yẹn lọ, òótọ́ ni, torí àdéhùn ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kí ìwé méjì máa ta ko ara wọn? 550,000 ò tilẹ̀ tó owó oṣù 6 lórí 1,200,000, 600,000 ni ì bá jẹ́, ọmọ náà kàn fi ojú wo ó ni. Mú ẹ̀dà lẹ́tà dání, fi ìtẹríba sọ fún un pé ẹ jẹ́ kí rìsíìtì bá lẹ́tà bàbá mu, kó kọ "apá kan nínú owó ọdún, 1 Fébúárì 2026 sí 31 Jánúárì 2027, èyí tó kù jẹ́ 650,000". Má dá ti àtijọ́ padà kó o tó gba tuntun, kó o sì ya fọ́tò rẹ̀ kó o tó dá a padà.

Télọ̀_Muṣin

Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá kọ̀ láti yí i ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Alhaji lórí Wásáàpù nígbà náà, kó kí i, kó dúpẹ́, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tí òun san jẹ́ apá kan nínú owó ọdún gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà wọn. Bí Alhaji bá dáhùn pé "Ó dára" lásán, ó ti tó wa.

Onídìrí_Àgùdà

Mo ti pe ọmọ náà. Ó ní kò sí wàhálà, pé òun máa wá sí Àgùdà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n mú rìsíìtì náà àti lẹ́tà sílẹ̀. Ó tún ní ìyàwó òun fẹ́ dirun lọ́jọ́ kan náà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá owó ni tàbí ọ̀fẹ́.